ÀLÙWÀLÁ: BÍ A TI Ń ṢE É ÀTI OHUN TÍ Ó Ń BÀ Á JẸ́

Bísímíláhì Rahmánì Rahímì.



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá omi, tí ó sì fi ṣe ìmọ́tótó fún wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àlùwàlá, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alfa, ta ni ó wà nínú wa tí kò mọ àlùwàlá ṣe?” N kò bá a jiyàn. Mo kàn sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí arákùnrin kan fún un, òun náà ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Arákùnrin yìí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí ó ti kí ìrun Àsùbáà ní ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó bọ́ ẹ̀wù láti lọ wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó pè é padà. Ó ní, “Bàbá Sídì, kí ni ó lẹ̀ mọ́ ọ níbí?” Ọ̀dà ni, ọ̀dà olóròóró tí a fi ń kun irin, ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìgúnpá rẹ̀ níbi tí ojú òun fúnra rẹ̀ kò lè dé. Kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Ó rántí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni òun kun géètì kan, láti ìgbà náà ni ó sì ti wà níbẹ̀. Ó tọ̀ mí wá kí oòrùn tó mú, ó ní, “Alfa, gbogbo ìrun tí mo ti kí láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ńkọ́?”

Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè rẹ̀ dúró ná. A óò padà sí i nígbà tí a bá ti wo bí àlùwàlá fúnra rẹ̀ ti rí.

Nínú Súrátù Máídà, àyà kẹfà, Ọlọ́hun dárúkọ ẹ̀yà ara mẹ́rin fún wa. Ó ní kí a wẹ ojú, kí a wẹ ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá, kí a fi omi pa orí, kí a sì wẹ ẹsẹ̀ méjèèjì dé kókósẹ̀. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ yìí, ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì ọmọ Ánásì, ẹni tí ó kú sí Mẹ̀dínà ní ọdún 179 Híjírà, ni àwọn bàbá wa fi kọ́ wa. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti Àhdárì tàbí Rìsálà ní iléekéwú yóò rántí pé fàrílà àlùwàlá jẹ́ méje ní ọ̀nà Málíkì. Mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni àníyàn nínú ọkàn, ẹ̀ẹ̀kẹfà ni kí a fi ọwọ́ ra ara bí omi ti ń lọ lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀keje ni kí a má ṣe dá a dúró láàárín títí tí èyí tí a kọ́kọ́ wẹ̀ yóò fi gbẹ. Fàrílà ni ohun tí ó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sọnù, àlùwàlá kò tíì pé. Àwọn yòókù, bíi fífọ ẹnu àti fífa omi sí imú, súnnà ni wọ́n.

Nígbà tí a bá fẹ́ ṣe é, a óò jókòó tàbí kí a dúró níbi tí ó mọ́, a óò gbèrò rẹ̀ lọ́kàn pé àlùwàlá ni a fẹ́ ṣe, a óò sì dárúkọ Ọlọ́hun. A óò kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́ kí a tó ti ọwọ́ bọ inú omi. A óò bu omi sí ẹnu, a óò mì ín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, a óò sì tu ú dànù. A óò fi èémí fa omi sí imú, a óò fi ọwọ́ òsì di imú mú, a óò sì fọn ọ́n jáde. Ẹni tí ó gba ààwẹ̀ kò gbọdọ̀ fa ti imú lágbára jù, kí ó má baà sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun.

Lẹ́yìn èyí ni ojú. Láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni gígùn rẹ̀, láti etí kan dé etí kejì ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò pọ̀, tí a ń rí awọ ara lábẹ́ rẹ̀, omi gbọdọ̀ kan awọ náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣú, òkè rẹ̀ ni yóò wẹ̀. Lẹ́yìn ojú ni ọwọ́ ọ̀tún, láti orí ìka títí yóò fi kọjá ìgúnpá díẹ̀, a óò sì ti ìka bọ àárín ìka. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ òsì. Ẹ̀ẹ̀kan ni fàrílà, ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹ́ àfikún tí ó ní láádá. Ẹni tí ó bá ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kẹrin kò pé láádá, ó kàn ń da omi nù ni.

Orí ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin. Mo ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí wọ́n máa ń ti fìlà sẹ́yìn díẹ̀, tí wọn yóò fi orí ìka mẹ́ta kan iwájú orí, tí wọn yóò sì dé fìlà wọn padà. Ní ọ̀nà Málíkì, gbogbo orí ni fàrílà. Àwọn ará Ṣáfíì gbà pé díẹ̀ nínú rẹ̀ tó, àwọn ará Hánáfì sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ìka kan iwájú orí láàárín wa kì í ṣe pé ó yan ọ̀nà Ṣáfíì, kò fẹ́ kí fìlà rẹ̀ bàjẹ́ ni. Ẹ ṣí fìlà. Ẹ fi omi tuntun kan àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ẹ fà á lọ sí ìpàkọ́, ẹ sì fà á padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àlọ ni fàrílà, àbọ̀ ni súnnà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, a kì í pa orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni a óò fi omi mìíràn pa etí nínú àti lóde.

Ẹ̀yin ìyá wa, tiyín kò yàtọ̀. A kì í pa orí lórí gèlè. A kò ní kí ẹ tú irun dídì nítorí àlùwàlá, ẹ ó kàn fi ọwọ́ pa á lọ sẹ́yìn, ẹ ó sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ irun tí ó gùn nígbà tí ẹ bá ń fà á bọ̀. Ṣùgbọ́n irun tí a fi òwú kì, tí òwú bo irun pátápátá, òwú ni omi ń kàn níbẹ̀. Àwọn onímímọ̀ Málíkì ní kí a tú èyí tí òwú rẹ̀ bá pọ̀. Irun àtọwọ́dá tí a rán mọ́ orí, tí ó sì bò ó, kò yàtọ̀ sí i.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, wà ní ìrìn àjò kan pẹ̀lú àwọn sàábé rẹ̀, àkókò ìrun Àlàásárì ti fẹ́ lọ lórí wọn. Wọ́n ń kánjú ṣe àlùwàlá, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ tútù kan ẹsẹ̀. Ó gbé ohùn sókè sí wọn, ó sì kìlọ̀ ìyà Iná nítorí àwọn gìgísẹ̀ tí omi kò kàn. Àbúdúláì ọmọ Ámùrù ni ó gba ìròyìn náà fún wa, ó sì wà nínú ìwé Bùhárì àti Múslímù. Gìgísẹ̀ yìí ni gbogbo wa máa ń fo. Ẹni tí ó bá dúró nídìí ẹ̀rọ omi, tí ó na ẹsẹ̀ síwájú, òkè ẹsẹ̀ àti ọmọ ìka ni omi ń dà sí. Gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn, iṣan òkè rẹ̀ wà lẹ́yìn, ibi tí ó ti sán wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín pé, ẹ wo gìgísẹ̀ yín nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Bí ojú kan bá wà tí ó ṣì gbẹ tí ó funfun bí eérú, omi kò dé ibẹ̀. Ọwọ́ òsì ni a fi ń rà á.

Fífi ọwọ́ ra ara yìí ni kì í jẹ́ kí omi púpọ̀ ṣòfò. Omi múdì kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Múdì kan ni ohun tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin tí ó tóbi níwọ̀n, kò tó lítà kan. Bí a bá pè é ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan yóò tó ènìyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹni tí kì í ra ara rẹ̀ lè dà tó lítà mẹ́ta sára, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì tún gbẹ. Kẹ́ẹ̀gì kan náà kò ní í tó irú wọn mẹ́sàn-án. Búùtà tí àwọn bàbá wa ń lò mọ ìṣirò yìí dáadáa.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ arákùnrin ọlọ́dà wàyí. Ohun tí ó bá ní ara, tí ó ta awọ sórí awọ, ni ó ń dí omi lọ́nà: ọ̀dà, sìmẹ́ńtì tí ó ti gbẹ, àbẹ́là, èkọ tí ó gbẹ mọ́ ìka, kútẹ́ẹ̀sì orí èékánná. Èyí tí ó jẹ́ àwọ̀ nìkan kì í dí omi. Làálì kò ba nǹkan kan jẹ́ bí a bá ti ṣí i kúrò tí ó ku pupa rẹ̀, tàdáà tí a fi ń kọ wàláà náà kò ṣe nǹkan. Òróró tàbí òrí tí a fi para, bí kò bá ti ki, omi yóò kàn án bí a bá ra á.

Ọ̀dà arákùnrin yìí ní ara, nítorí náà ibi tí ó wà kò gba omi. Ìgúnpá sì wà nínú fàrílà. Mo bi í pé nígbà wo gan-an ni ó kun géètì náà. Ó ní lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni. Mo bi í pé ìrun Mọ̀ngàríbì ọjọ́ náà, àlùwàlá wo ni ó fi kí i. Ó ronú díẹ̀, ó ní ti Àlàásárì ni, nítorí pé kò tíì bàjẹ́. Mo ní ìrun Mọ̀ngàríbì yẹn dára. Àlùwàlá ti pé kí ọ̀dà tó kan ara rẹ̀, ọ̀dà kì í sì í ba àlùwàlá tí ó ti wà nílẹ̀ jẹ́. Àlùwàlá tí ó tún ṣe fún Ìṣáì ni ó kọ́kọ́ ní àbùkù. Nítorí náà, Ìṣáì ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìrun márùn-ún ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti Àsùbáà ọjọ́ Àìkú: ìrun méje, ràkáà mẹ́tàlélógún. Àwọn ni ó gbọdọ̀ tún kí, ní títẹ̀léra bí wọ́n ti wá.

Ó tún bi mí pé ṣé ìyàwó àti àwọn ọmọ tí wọ́n kí Àsùbáà lẹ́yìn òun yóò tún tiwọn kí. Rárá o. Ìmáàmù tí ó gbàgbé tàbí tí kò mọ̀, òun nìkan ni ó ni àtúnkí. Ìrun àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yè.

Ti àlùwàlá fúnra rẹ̀, èyí tí ó fi kí Àsùbáà kò tíì bàjẹ́ nígbà tí ó wá. Ara rẹ̀ ti gbẹ, àkókò ti pẹ́, nítorí náà kò ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Yóò fi kẹrosíìnì yọ ọ̀dà náà, yóò fi ọṣẹ wẹ kẹrosíìnì kúrò, yóò sì wẹ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú àníyàn láìjáfara. Bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí ó rí i, yóò wẹ ibẹ̀, yóò sì tún àwọn tí ó tẹ̀lé e ṣe, ìyẹn orí àti ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ súnnà ni ó gbàgbé, bíi fífọ ẹnu, kò ní ìrun kankan láti tún kí, yóò kàn fọ ẹnu fún ìrun tí ó ń bọ̀. Ó kí ràkáà mẹ́tàlélógún náà ní yàrá iléekéwú mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí ó sálámà tán, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ìyàwó òun ni yóò máa yẹ ìgúnpá òun wò.

Èyí tí a ti sọ ni àlùwàlá tí kò pé. Èyí tí ó pé tán tí ó wá bàjẹ́ tún yàtọ̀. Ohun tí ó bá gba ojú ara iwájú tàbí ti ẹ̀yìn jáde bí a ti mọ̀ ọ́n ni àkọ́kọ́: ìtọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀, afẹ́fẹ́, àti omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń jáde nígbà tí ara bá ń fẹ́. Mo rí àwọn tí wọ́n rò pé ẹni tí afẹ́fẹ́ bá jáde lára rẹ̀ gbọdọ̀ lọ fi omi sí ìdí kí ó tó ṣe àlùwàlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀ ni a ń fọ̀ kúrò, afẹ́fẹ́ kò ní ohun tí a ń fọ̀. Ẹ̀yin bàbá tí ìtọ̀ ń kán lára yín láìdúró, tí ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́, kò ba àlùwàlá yín jẹ́ ní ọ̀nà Málíkì. Ẹ lè tún un ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí rẹ̀ jókòó sílé.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó jáde nínú egbò, imú tí ó ṣẹ̀jẹ̀, èébì àti oúnjẹ kò bà á jẹ́. Fífi ọwọ́ kan obìnrin kò bà á jẹ́ àyàfi bí ẹni náà bá wá adùn níbẹ̀ tàbí kí ó rí i. Ọkọ tí ìyàwó gbé omi sàárì fún, tí ọwọ́ wọn kanra, kò ní láti máa jágbe mọ́ ọn. Ọkùnrin tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí inú ìka kan ojú ara ara rẹ̀ láìsí aṣọ láàárín, tirẹ̀ bàjẹ́. Dídákú, ọtí àti wèrè náà ń bà á jẹ́, nítorí pé ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ kò lè mọ ohun tí ó jáde lára rẹ̀.

Bákan náà ni oorun, èyí sì kan mọ́ṣáláṣí wa ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ju ibikíbi lọ. Àwọn sàábé Ànábì máa ń dúró de ìrun Ìṣáì títí orí wọn yóò fi máa mì fún oorun, wọn a sì dìde kí ìrun láìtún àlùwàlá ṣe. Nítorí náà, òòyè kì í bà á jẹ́. Oorun tí ó wúwo ni ó ń bà á jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a jókòó sùn ún, bí ó tilẹ̀ kúrú. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀? Bí itọ́ bá dà sí i láyà tí kò mọ̀, tàbí bí a bá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò gbọ́, tàbí bí ohun tí ó mú lọ́wọ́ bá jábọ́ tí kò mọ̀, ó ti wúwo. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ní ẹ̀yìn, mo sì máa ń gbọ́ ìró tẹ̀súbáà tí ń jábọ́ nígbà kútúbà. Ẹni tí ó gbọ́ tirẹ̀ tí ó tẹ̀ gbé e, kò tíì bàjẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ní kí a dìde ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá tẹ̀súbáà rẹ̀ kiri abẹ́ ẹni, kí ó jáde lọ ṣe àlùwàlá. Ojú ń tì wọ́n láti la àárín ẹsẹ̀ kọjá, wọn a kàn kí i bẹ́ẹ̀, ìrun Jímọ́ọ̀ a sì lọ lásán.

Iyèméjì ni yóò jẹ́ ìkẹyìn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ Ànábì, tí ó máa ń ṣe é nínú ìrun bí ẹni pé afẹ́fẹ́ jáde. Èsì rẹ̀ ni pé kí ó má kúrò lórí ìrun àyàfi bí ó bá gbọ́ ìró tàbí kí ó gbọ́ òórùn. Ẹni tí ó wà nínú ìrun yóò parí ìrun rẹ̀. Ẹni tí ó wà níta, tí ó ń ṣe iyèméjì bóyá òun ti bà á jẹ́, àwọn onímímọ̀ Málíkì ní kí ó tún un ṣe, àfi ẹni tí iyèméjì ti di àìsàn fún, tí ó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dá a lóhùn rárá. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó máa ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún fún ìrun kan. Búùtà omi kan ṣoṣo ni mo pa láṣẹ pé kí wọ́n máa bù fún un, ó sì fi sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí.

Ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ wa, mo rí i nínú àwòrán ilé tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé yìí pé ilé omi àlùwàlá wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi mẹ́wàá lára ògiri. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ìjókòó kéékèèké sí iwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ náà má ga ju orókún ẹni tí ó jókòó lọ, kí àwọn bàbá àti ìyá wa tí ẹ̀yìn ń dùn lè jókòó, kí ọwọ́ wọn sì dé gìgísẹ̀. Ti àwọn obìnrin kí ó ní ògiri tirẹ̀ tí ó ga, kí wọ́n lè rí ibi ṣí gèlè. Kí wọ́n sì gbé dígí kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, ní gíga ìgúnpá.